Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí dókítà ọkàn nígbà tí ọkàn aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège

Irú lẹ́tà kan wà tí gbogbo àwa dókítà ẹbí mọ̀. Ìlà méjì ni: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo màmá yìí. Àyà wọn ń já. Ẹ ṣeun." Aláìsàn á gbé e láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, dókítà ọkàn á ṣí i, kò sì ní rí ohunkóhun níbẹ̀ tí kò lè gbọ́ lẹ́nu aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ísíjì tuntun, ìyẹn bébà tí ẹ̀rọ máa ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun, ẹ padà wá lọ́jọ́ báyìí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè máa dì nínú ọkàn ẹni náà.

Ìlù ségesège tí mò ń sọ níbí ni èyí tí wọ́n ń pè ní étírìà fìbiríléṣọ̀n. Ìyàrá méjì tó wà lókè ọkàn kì í fún pọ̀ dáadáa mọ́, wọ́n kàn ń gbọ̀n ni. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ṣàn á wá dúró sí kọ̀rọ̀ kan nínú ìyàrá òsì, á sì dì. Bí èyí tó dì yẹn bá já, tó bá iṣan lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ewu rọpárọsẹ̀ fún ẹni tó ní àìsàn yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní in. Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà tí lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ ṣe kó tó ṣe èyíkéyìí mìíràn: kí ẹni tó kà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá aláìsàn ti ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tàbí ìdí tí kò fi tíì bẹ̀rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì la máa ń fi kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa. Yorùbá ni mo fi kọ àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀, kí aláìsàn àti ọmọ tó ń tẹ̀ lé e lọ lè mọ ohun tó yẹ kó wà nínú àpòòwé tí wọ́n gbé dání, kí wọ́n sì lè béèrè bí kò bá sí níbẹ̀.

Ẹni tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ màmá ẹni ọdún 67 tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú àwọn tí à ń rí ni mo kó jọ sínú màmá kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ṣe wọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń lo amulodípíìnì mílígíráàmù 10. Wọ́n ní, "Dókítà, ó dà bíi pé ẹja ń jà nínú àyà mi. Bí mo bá sì gbé ẹrù aṣọ gun àtẹ̀gùn, mo ní láti dúró mí."

Kí ẹ tó mú bíírò: ṣé lẹ́tà ló yẹ, àbí ọkọ̀ pàjáwìrì?

Àwọn kan wà tí a kì í kọ lẹ́tà kílíníkì fún. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹni náà bá ti já wálẹ̀ débi pé nọ́ńbà òkè kò tó 90, bí àyà bá ń dùn ún, bí ó bá dákú, bí kò bá lè mí dáadáa tí ẹ sì ń gbọ́ omi nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹ̀ka pàjáwìrì ni, lónìí. Bákan náà ni bí ọkàn bá ń lù kọjá 150 ní ìṣẹ́jú kan tí ara aláìsàn kò sì gbà á. Ìwé kékeré tí ẹ máa kọ tẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ohun tí nọ́ọ̀sì lè kà lórí ìrìn lọ, ẹ sì fi fóònù pe ibi tó ń lọ ṣáájú.

Màmá aláàdìrẹ kò sí nínú àwọn wọ̀nyí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 97 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ wọn kò wú. Lẹ́tà tọ́ sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i dájú pé òun ni lóòótọ́

Ẹ fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Àwa tí a máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá 15 tí a sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kíkà yẹn kò ṣe é gbára lé níbí, torí pé ìlù náà kò dọ́gba láti ìṣẹ́jú àáyá kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa ka ti ọwọ́, kí ẹlòmíràn máa ka ti àyà, lẹ́ẹ̀kan náà. Lára màmá, nọ́ọ̀sì ka 104 ní ọrùn ọwọ́, èmi ka 132 ní àyà. Ìlù 28 ni kò dé ọwọ́, nítorí pé ọkàn lù kí ẹ̀jẹ̀ tó kún inú rẹ̀ tó. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ti ọwọ́ nìkan máa jẹ́ kí dókítà ọkàn rò pé ọkàn kò fi bẹ́ẹ̀ sáré.

Ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ṣi nọ́ńbà kà nígbà tí ìlù bá rí báyìí. Ti màmá kọ́kọ́ sọ pé 171, ó tún sọ pé 139 láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì mú àárín rẹ̀. Mo rí 150, 146 àti 148 lókè. 90, 92 àti 90 nísàlẹ̀. Ohun tí mo kọ ni 148 lórí 91, mo sì fi kún un pé ọwọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Ísíjì ló máa fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ohun tí ẹ máa wá nínú rẹ̀ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, àwọn òkè gíga tó ń fi ìlù hàn kò ní jìnnà sí ara wọn bákan náà. Ẹ mú etí bébà kan, ẹ fi bíírò sàmì sí òkè mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kí ẹ wá sún bébà náà síwájú. Bí àwọn àmì náà kò bá bọ́ sórí òkè tó kàn, ségesège ni. Èkejì, ẹ wo iwájú òkè kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ máa rí gegele kékeré tó ń sọ pé ìyàrá òkè ọkàn ti fún pọ̀. Bí gegele yẹn kò bá sí níbì kankan, tí ilà ìsàlẹ̀ kàn ń gbọ̀n, òun náà nìyẹn. Bí ó bá wà ṣáájú gbogbo ìlù, tó kàn jẹ́ pé ìlù kan ń yọ jáde lójijì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan mìíràn ni, lẹ́tà tí ẹ sì máa kọ fún un kò ní rí báyìí.

Fún kíka ìlù lórí ísíjì, ẹ má ṣe lo ọ̀nà ka-àpótí-láàárín-òkè-méjì. Ẹ ka gbogbo òkè tó wà lórí ilà gígùn ìsàlẹ̀, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Ti màmá jẹ́ 22, ìyẹn 132.

Kókó kan wà nípa bébà ísíjì tó máa ń dùn mí: ooru ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ooru náà ló sì ń pa wọ́n rẹ́. Bí aláìsàn bá fi í sínú báàgì nínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilà á ti ṣá kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ nípa fífi ọ̀rá gbígbóná lẹ̀ ẹ́, dúdú ni gbogbo rẹ̀ á dì. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí orúkọ, ọjọ́ àti aago wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì ní kí aláìsàn ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù ara wọn. Fọ́tókọ́pì yẹn ni ìwé tó ṣe pàtàkì jù nínú àpòòwé, torí pé ìlù lè ti padà sí déédéé kí aláìsàn tó débẹ̀. Bí ẹ̀rí kò bá sí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Dókítà ọkàn lè fẹ́ fi iná mànàmáná tàbí oògùn dá ìlù náà padà sí déédéé. Bí ìlù ségesège bá ti pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú ọkàn, dídá tí a bá dá a padà sì lè lé èyí tó dì náà jáde lọ sí ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi gbọ́dọ̀ lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán láìfo ọjọ́ kan, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo inú ọkàn láti ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n tó gbìyànjú rẹ̀. Wákàtí 48 ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Ìtọ́sọ́nà ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2024 ti mú un wá sí wákàtí 24.

Nítorí náà, "ó ti tó ọjọ́ mélòó kan" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bi màmá, wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀." Irú ìdáhùn yìí kì í ṣe àìfẹ́sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń ka wákàtí fún àyà jíjá. Ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ bi wọ́n: ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lọ síbi òkú ẹ̀gbọ́n yín? Wọ́n ronú, wọ́n ní rárá, àwọn jó níbẹ̀ láìmí gúlegúle. Ìgbà tí àwọn padà sọ́jà ni. Ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn. Mo wá ṣí fáìlì wọn: ní 4 oṣù Kẹta, nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlù jẹ́ 78, ó sì ṣe déédéé.

Ẹ ò wá gbọdọ̀ kọ ọ́ pé "ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn", nítorí pé ohun tí aláìsàn mọ̀ lára nìkan nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ìlù yìí tí wọn kò mọ̀ rárá. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ ni pé: ó ṣe déédéé ní 4 oṣù Kẹta, aláìsàn mọ̀ ọ́n lára láti ọjọ́ mẹ́wàá, a kò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni dókítà ọkàn nílò jù lọ, torí òun ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré fi iná dá ìlù náà padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tó lè fà á, ní ṣókí

Ẹ má kọ ìtàn ìgbésí ayé. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ wá, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ kò rí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni àkọ́kọ́, màmá sì ti ní i. Èkejì ni ẹṣẹ́ tairọ́ìdì tó wà lọ́rùn. Ẹ wo ọrùn bóyá gẹ̀gẹ̀ wà, ẹ béèrè bóyá ó ń rù, bóyá ọwọ́ ń gbọ̀n, kí ẹ sì fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni fáfù ọkàn tí ibà oríkèé ìgbà èwe ti bà jẹ́. Ẹ má fojú kéré èyí nílẹ̀ wa, pàápàá bí aláìsàn kò bá tíì pé ogójì ọdún. Ẹ dá aláìsàn dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ fún ohùn kíkùn tó rẹlẹ̀ láàárín ìlù méjì. Nígbà tí ọkàn bá ń sáré ní 132, ó rọrùn kí ohùn yẹn fò yín. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ pé "n kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọkàn ń sáré," kí ẹ má kọ ọ́ pé kò sí.

Ìdí tí fáfù fi ṣe pàtàkì ni pé òun ló ń pinnu oògùn. Bí fáfù tó wà láàárín ìyàrá òkè àti ìsàlẹ̀ ní apá òsì bá ti dí gan-an, tàbí tí aláìsàn bá ní fáfù onírin, wáfárínì ni wọ́n máa lò, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, kì í ṣe àwọn oògùn tuntun bí apikisábánì. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022, tí Áfíríkà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé irú wáfárínì ló ṣe dáadáa jù fún àwọn tí ibà oríkèé ba fáfù wọn jẹ́. Bí màmá bá jẹ́ ọmọbìnrin ẹni ọdún 28 tí mo gbọ́ ohùn yẹn lára rẹ̀, n kò ní kọ apikisábánì rárá. Màá kọ́kọ́ béèrè bóyá oyún wà, màá fi fóònù pe dókítà ọkàn lọ́jọ́ náà, lẹ́tà á sì tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí aláìsàn rà ní tòótọ́

Àwọn dókítà kan máa ń rò pé ìwà ọ̀wọ̀ ni kí á fi gbogbo oògùn sílẹ̀ fún ògbóǹtarìgì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìpàdé bá máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọpọlọ aláìsàn máa wà láìláàbò, bẹ́ẹ̀ la sì mọ bí a ṣe ń ka ewu náà. Máàkì tí wọ́n ń lò nínú ìtọ́sọ́nà 2024, CHA₂DS₂-VA, kò le: ọjọ́ orí láti 65 sí 74 jẹ́ máàkì kan, 75 sókè jẹ́ méjì, ẹ̀jẹ̀ ríru kan, àtọ̀gbẹ kan, ọkàn tí kò lágbára mọ́ kan, àìsàn inú òpó ẹ̀jẹ̀ kan, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, méjì. Bí ó bá pé méjì, oògùn yẹ. Màmá ní kan fún ọjọ́ orí, kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru: méjì. Ẹni tí fáfù rẹ̀ dí kò sí nínú ìṣirò yìí. Oògùn yẹ ẹ́ láìka máàkì.

Asipirín kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ń sọ ọ́ torí pé mo ṣì ń rí i nínú lẹ́tà, bí ẹni pé a ti ṣe nǹkan kan.

Ẹ rí èsì kíndìnrín, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n ara kí ẹ tó kọ apikisábánì. Àwọn tí wọ́n bá ní méjì nínú mẹ́ta yìí ni a máa ń dín in kù fún sí mílígíráàmù 2.5: ọdún 80 sókè, kílò 60 sísàlẹ̀, kiriátínì 133 sókè. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 67, kílò 71, kiriátínì 88. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà mílígíráàmù 5 láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má dín in kù nítorí ìbẹ̀rù lásán. Ẹ̀jẹ̀ á dì, aláìsàn á sì rò pé òun ń lo oògùn. Kí ọkàn má sáré jù, mo fi bisopirolọ́lù mílígíráàmù 2.5 kún un lẹ́yìn tí mo ti béèrè pé ikọ́ fée kò ṣe wọ́n rí.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí fi kún un wà níbí. Mo kọ oògùn ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí màmá padà dé láti ṣọ́ọ̀bù oògùn, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rá hàn mí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n lè rà. Dókítà ọkàn tó bá rí "apikisábánì, ọgbọ̀n ọjọ́" nínú lẹ́tà á ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á sì gbà pé ààbò ti pé. Bí wọ́n bá dá ìlù padà lórí ìgbàgbọ́ yẹn nígbà tí oògùn ti tán ní ọjọ́ kọkànlá, àjálù lè ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wà lọ́wọ́ aláìsàn, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé yín. Bí ẹ bá rí i pé owó kò ní tó láéláé, ẹ sọ ọ́ jáde kí wọ́n lè ronú sí wáfárínì, tó dín lówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò rẹ̀ pọ̀.

Ẹ béèrè àgbo pẹ̀lú, láì bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rò pé ẹ máa pariwo kò ní sọ. Màmá ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń ra oògùn ìrora orúnkún. Ibuprofẹ́ẹ̀nì àti dikilofẹ́nákì pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Èyí náà wọ inú lẹ́tà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ọ́

Ojú ìwé kan ni, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lè dá dúró: ẹni tí kò bá ka ìyókù yẹ kó ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bó ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó, àti oògùn tó wà nílẹ̀. Ìbéèrè yín sì gbọ́dọ̀ ṣe é dáhùn. "Ẹ bá wa wò ó" kì í ṣe ìbéèrè. Bí mo ṣe kọ ti màmá nìyí:

> Sí dókítà ọkàn, kílíníkì ọkàn.
>
> Kókó: Obìnrin ẹni ọdún 67, ìlù ọkàn ségesège tuntun (ísíjì wà nínú àpòòwé yìí), ara gbà á, ìlù 132. Ó bẹ̀rẹ̀ apikisábánì mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ní 2 oṣù Kẹrin. Mo bẹ̀ yín kí ẹ rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.
>
> Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀: A kò mọ̀ ọ́n dájú. Ìlù ṣe déédéé, 78, ní 4 oṣù Kẹta. Aláìsàn mọ àyà jíjá àti mímí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn láti ọjọ́ mẹ́wàá. Kò dákú, àyà kò dùn ún, rọpárọsẹ̀ kò ṣe é rí.
>
> Ohun tí mo rí: Ìlù 132 ní àyà, 104 ní ọrùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru 148 lórí 91, àárín ìgbà mẹ́ta, ọwọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ 97. Ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ẹsẹ̀ kò wú, kò ní gẹ̀gẹ̀. N kò gbọ́ ohùn fáfù, ṣùgbọ́n ọkàn ń sáré. Kò rántí pé ibà oríkèé ṣe é ní kékeré. Kílò 71.
>
> Àyẹ̀wò: Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ 36, potásíọ̀mù 4.1, kiriátínì 88. Èsì tairọ́ìdì kò tíì jáde. Èmi ni màá fi ránṣẹ́ sí yín. A kò tíì ṣe ẹ́kò.
>
> Àìsàn tẹ́lẹ̀: Ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́sàn-án. Kò ní àtọ̀gbẹ. Máàkì ewu rọpárọsẹ̀: 2.
>
> Oògùn: Amulodípíìnì 10 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Bisopirolọ́lù 2.5 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, láti 2 oṣù Kẹrin. Apikisábánì gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́ lókè. Oògùn ọjọ́ mẹ́wàá ló lè rà, ọmọ rẹ̀ ṣèlérí láti ra ìyókù kó tó tán. Ó ń lo oògùn ìrora orúnkún àti àgbo. Mo ti ní kó dá wọn dúró. Kò sí oògùn kankan tó ṣe é ní ìjàǹbá rí.
>
> Ohun tí mo ń béèrè: (1) Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ẹ́kò láti wo fáfù àti agbára ọkàn. Ṣé apikisábánì tọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀? (2) Ṣé ẹ máa dá ìlù padà, àbí kí a kàn mú un rọlẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rá oògùn kí ẹ tó pinnu. (3) Nínú ìtọ́jú ọjọ́ iwájú, èwo ni tiyín, èwo ni tèmi?
>
> Mo máa rí i padà ní 9 oṣù Kẹrin. Nọ́ńbà fóònù mi àti ti ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ẹ wo bí "n kò gbọ́", "a kò mọ̀", "kò tíì jáde" ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ dókítà máa ń ro pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ kí wọ́n dà bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ẹni tó ń kà á kò rí i bẹ́ẹ̀. Àlàfo tí ẹ bá sọ jáde, á dí i. Èyí tí ẹ bá dákẹ́ lé lórí, á rò pé ẹ ti wò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo béèrè ní ìdí: àyà ń já wọn, ìlù ń sáré, a kò sì tíì rí fáfù. Ẹ má kọ "kánjúkánjú" sórí lẹ́tà gbogbo aláìsàn. Akọ̀wé tó ń tò wọ́n kò ní mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: láti ọwọ́ yín dé ọwọ́ wọn

Níbí, aláìsàn ló ń gbé lẹ́tà rìn. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe, ọ̀kan nínú fáìlì yín. Ẹ fi fọ́tókọ́pì ísíjì àti èsì ẹ̀jẹ̀ pín mọ́ lẹ́tà, kí wọ́n má baà bọ́. Bí ẹ bá ń fi wọ́tsáàpù ránṣẹ́ sí dókítà ọkàn tí ẹ mọ̀, ẹ bo orúkọ aláìsàn mọ́lẹ̀ kí ẹ tó ya àwòrán, kí ẹ sì gbà àyè lọ́wọ́ aláìsàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka lẹ́tà náà fún wọn ní Yorùbá. Nígbà tí mo dé ibi oògùn ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọ màmá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló gbé fóònù jáde tó ní òun á ra ìyókù lọ́jọ́ Ẹtì. Ibẹ̀ ni gbólóhùn yẹn ti wọ inú lẹ́tà. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má dá apikisábánì dúró nítorí pé àyà kò já mọ́, torí pé ewu náà kì í bá àyà jíjá lọ. Bí wọ́n bá fo ìgbà kan, kí wọ́n lò ó nígbà tí wọ́n bá rántí lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má lo méjì pọ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ọ̀rá oògùn kí dókítà ọkàn lè rí i. Ẹ sọ àwọn àmì tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé: ẹnu tó wọ́, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó kú tipiri, ọ̀rọ̀ tó ń dà rú, ìdákú, àyà dídùn, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó tẹ̀ lé wọn tún un sọ fún yín.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá padà wá, kí ẹ tún ìlù kà ní àyà àti ọwọ́. Bí ó bá ṣì ju 110 lọ ní ìjókòó, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì gbà á, ẹ fi bisopirolọ́lù kún sí 5, kí ẹ sì kọ ìyẹn pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn lẹ́tà. Ẹ ka hóró oògùn tó kù nínú ọ̀rá. Bí èsì tairọ́ìdì bá ti jáde, ẹ fi í ránṣẹ́, ẹ má ní kí aláìsàn rántí mú un lọ. Bí ilé ìwòsàn bá sì fún wọn ní ọjọ́ tó jìnnà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ pe kílíníkì náà fúnra yín, kí ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yín fún ẹni tó bá gbé fóònù, kí ẹ béèrè bóyá ẹ lè ṣe ẹ́kò níbòmíràn ṣáájú, kí ẹ sì rí i pé oògùn tó máa gbé wọn dé ọjọ́ yẹn wà lọ́wọ́ wọn.